Ọpẹ́ tó ní ìṣirò nínú: Ohun tí ìkéde ọpẹ́ owó ìwòsàn kọ́ wa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin òǹkàwé wa. Bí ènìyàn bá ṣe wá lálejò lónìí, a ó dúpẹ́ lónìí, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, a ó tún lọ sọ fún un pé ẹ ṣeun àná. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti owó tí gbogbo ìlú dá fún aláìsàn, ẹ ṣeun nìkan kì í tó. Èmi náà kò tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa lọ́dún 2024 ló là mí lójú, òun ni mo sì fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà ní ìlú kékeré kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn. Ní oṣù kẹta ọdún náà, ó jábọ́ láti orí pákó tí wọ́n fi ń gun ògiri ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, egungun itan rẹ̀ sì dá sí méjì. Àwọn kan ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun, àwọn kan ní ká máa gbé e lọ sí Ìbàdàn. Ìbàdàn la gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán egungun náà, dókítà ṣàlàyé fún wa pé egungun itan ló tóbi jù nínú ara, iṣan tó yí i ká sì lágbára, òun ló ń fa egungun tó dá náà gun orí ara wọn. Ó ní ọ̀nà tó dára jù ni kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n ki ọ̀pá irin gígùn kan sínú ihò egungun náà, kí ojú méjèèjì lè kan ara wọn. Wọ́n so ìwọ̀n tó wúwo mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó lè nà, wọ́n sì ní ká lọ wá owó.

Owó tí ẹbí ní lọ́wọ́, 180,000 náírà, ti tán kó tó di ọjọ́ kẹta. Ọkọ̀ tó gbé e, káàdì, àwòrán egungun àti oògùn àkọ́kọ́ ló gbé e mì. La bá ké gbàjarè. Àwa mẹ́ta ni wọ́n yàn láti bójú tó owó náà: igbákejì lémọ́ọ̀mù, Ìyálọ́jà, àti èmi tí wọ́n ń pè ní Tíṣà nítorí iṣẹ́ tí mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ṣọ́ọ̀ṣì gbé igbá owó, wọ́n kéde ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹgbẹ́ àwọn bíríkìlà dá owó, àwọn ìyá ọlọ́jà náà ò gbẹ́yìn. Àwọn ọ̀dọ́ gbé àwòrán rẹ̀ àti nọ́ńbà àkáǹtì sórí Wásáàpù, owó sì ń wọlé láti ibi tí a kò fojú sí. Lọ́jọ́ kẹsàn-án tó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó sì yọrí sí rere.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, nígbà tí a ti gbé e délé, mo kọ ìkéde ọpẹ́. Mo rò pé mo kọ ọ́ dáadáa. Mo ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà, mo ní Ọlọ́run yóò san án padà ní ìlọ́po ìlọ́po, mo ní ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní fi owó wá ìwòsàn. Wọ́n kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí, gbogbo ènìyàn sì ṣe àmín. Mo ti rò pé ó parí síbẹ̀.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí Ìyálọ́jà fi wá bá mi nílé nírọ̀lẹ́. Ó jókòó, ó mu omi, ó wá ní, "Tíṣà, ẹ má bínú o. Inú ìgbìmọ̀ lèmi náà wà, mo mọ̀ pé ẹnì kankan ò jalè. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi ń bi mí pé èló ló wọlé, èló ni wọ́n ná. Mi ò rí nǹkan sọ fún wọn. Ẹnì kan tiẹ̀ ń sọ lọ́jà pé a ti fi lára owó náà ra ọ̀kadà."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Ó kọ́kọ́ bí mi nínú, mo ní àwọn aláìmoore ni wọ́n. Ìyálọ́jà ló dá mi dúró. Ó ní, "Ẹni tó mú 200 náírà lára owó ata rẹ̀, tí kò mọ ibi tó wọlé sí, ṣé ẹ lè pe ìyẹn ní aláìmoore?" Mo gbà pé òótọ́ ni. Àdúrà ni mo kó jọ sínú ìkéde mi, n kò fi ìdáhùn kankan sí i. Bẹ́ẹ̀, bí ẹlòmíràn bá tún ṣubú ní ìlú yẹn lọ́dún tó ń bọ̀, ìrántí owó tiwa yìí ni àwọn ènìyàn yóò fi pinnu bóyá kí wọ́n tọwọ́ bọ àpò tàbí kí wọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó láti ṣírò owó. Ibẹ̀ la ti rí i pé ká ní a sáré kọ ìṣirò sínú ìkéde, àṣìṣe ni à bá kọ. Ohun àkọ́kọ́ ni pé iye tí àwọn ènìyàn fi ránṣẹ́ sí báńkì àti iye tí báńkì sọ pé ó wà níbẹ̀ kò bára mu. A wá ibi tí ìyàtọ̀ náà ti wá títí. Lẹ́yìn náà ni a rí i pé nígbà yẹn, bí ẹnì kan bá fi 10,000 náírà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́, 50 náírà ni wọ́n ń yọ fún ìjọba lára owó ẹni tó gbà á. Owó tó tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀nà 26, ìyẹn sì jẹ́ 1,300 náírà. Owó kékeré ni, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó ń fura kì í wo bó ṣe kéré. A ní láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun kejì tóbi jù ìyẹn lọ. Ilé-ìwòsàn ti gba 700,000 náírà lọ́wọ́ wa gẹ́gẹ́ bí owó àsansílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Iye yẹn ló wà nínú ìwé mi pé a ná. Ṣùgbọ́n owó àsansílẹ̀ kọ́ ni owó iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ń dá aláìsàn sílẹ̀ ni wọ́n ń ṣírò ohun tí wọ́n lò gan-an, bí owó bá sì ṣẹ́ kù, wọ́n ń dá a padà fún ẹni tó bá béèrè, tó sì mú rìsíìtì dání. Igbákejì lémọ́ọ̀mù ló rántí pé wọ́n ti dá 60,000 náírà padà lọ́jọ́ tí a kúrò níbẹ̀, àpò aṣọ rẹ̀ ló sì fi rìsíìtì ìdápadà náà sí. Ká ní a kọ 700,000 ni, ẹni tó bá mọ ilé-ìwòsàn náà ìbá béèrè 60,000 lọ́wọ́ wa, a ò ní rí nǹkan sọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, àríyànjiyàn orúkọ ló kù. Alága ẹgbẹ́ bíríkìlà fẹ́ kí á kọ orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ àti iye tí wọ́n dá. Àwọn kan nínú ẹbí ní kí á kúkú kọ orúkọ gbogbo ènìyàn pẹ̀lú iye tí kálukú mú wá. A rò ó síwá, a rò ó sẹ́yìn. Ẹgbẹ́ kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló dá owó jọ, alága ló gbé e wá, ó sì tọ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rí i pé iye tí wọ́n kó fún alága náà ló dé ọwọ́ wa. Nítorí náà a kọ iye tó ti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá. Ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ni a kò kọ. Opó tó mú 200 náírà wá kò gbọdọ̀ dúró sábẹ́ ẹni tó mú 20,000 wá lójú gbogbo ìlú, ó sì wà nínú àwọn tó fún wa lówó tí kò fẹ́ kí aládùúgbò mọ̀ rárá. Ìwé orúkọ wọn wà lọ́wọ́ Ìyálọ́jà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá tirẹ̀ wọlé lè lọ wo ti ara rẹ̀.

A ṣì ń ṣe èyí lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ ìlú wa kan tó ń gbé ní Àkúrẹ́ pè mí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti fi 5,000 sí àkáǹtì tuntun yẹn lánàá." Mo ní àkáǹtì tuntun wo? Ó fi ohun tó rí ránṣẹ́. Àwòrán àbúrò wa ni lóòótọ́, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ kọ nígbà tí a ń wá owó náà ni, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti yọ nọ́ńbà àkáǹtì wa kúrò, ó ti fi tirẹ̀ sí i. Iṣẹ́ abẹ ti parí láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọlọ́ṣà kan ṣì ń fi ẹsẹ̀ tó dá yẹn gbowó. A ní kí ọmọ náà tètè kàn sí báńkì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ó sì mú ìwé ẹ̀rí owó tó fi ránṣẹ́ lọ bá àwọn ọlọ́pàá, nítorí pé bí wọ́n bá tètè sọ fún báńkì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá owó náà dúró kí olè tó kó o jáde.

Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé ìkéde ọpẹ́ ní iṣẹ́ mìíràn. Òun ló ń ti ilẹ̀kùn. Nínú ìkéde mi àkọ́kọ́, kò sí ibi tí mo ti sọ pé owó ti tó, kí ẹnikẹ́ni má fi ránṣẹ́ mọ́. Ilẹ̀kùn tí mo fi sílẹ̀ ní ṣíṣí ni olè gbà wọlé.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin, a gbé ìkéde kejì jáde. Bó ṣe lọ nìyí, a kàn yọ orúkọ kúrò ni:

"Ẹ kú àná o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọ wa bíríkìlà tí ẹ dá owó fún ti ṣe iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta, ó sì ti délé. Kò tíì lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ dáadáa, ọ̀pá méjì ló fi ń rìn. Owó tó wọlé jẹ́ 1,015,000 náírà. Nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ bíríkìlà mú 150,000 wá, ṣọ́ọ̀ṣì 120,000, mọ́ṣáláṣí 85,000, àwọn ìyá ọlọ́jà 48,000, ẹ̀yin tí ẹ fi ránṣẹ́ sí báńkì sì jẹ́ 612,000. Wọ́n yọ 1,300 fún ìjọba ní báńkì. A ná 891,500: iṣẹ́ abẹ àti ọ̀pá irin 640,000, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ 36,000, oògùn àti ìtọ́jú ojú ọgbẹ́ 98,500, bẹ́ẹ̀dì 48,000, ọ̀pá ìrìn àti ìkọ́nirìn 42,000, ọkọ̀ 27,000. Ó ku 122,200 náírà. A ó fi ya àwòrán egungun lẹ́ẹ̀mejì sí i, a ó sì fi san owó ìkọ́nirìn àti ọkọ̀. A ó jábọ̀ fún yín ní oṣù keje. Rìsíìtì gbogbo wà lọ́dọ̀ igbákejì lémọ́ọ̀mù, ẹ wá wò ó. A ti ti àkáǹtì náà pa fún owó wíwọlé. Kò sí àkáǹtì tuntun. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbowó ní orúkọ ọmọ yìí láti òní lọ, olè ni. Àwọn méjì tó fún un ní ẹ̀jẹ̀, àwọn tó gbé oúnjẹ wá, àwọn tó sùn tì í, a kò lè ṣírò tiyín, ṣùgbọ́n a kò gbàgbé. Ẹ ṣeun, a dúpẹ́ púpọ̀."

Ẹ ó rí i pé a kò sọ nínú rẹ̀ pé ara rẹ̀ ti yá. Àwọn ẹbí fẹ́ kí á sọ bẹ́ẹ̀, kí inú àwọn olóore lè dùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́. Ọ̀pá irin kàn ń di egungun mú ni. Egungun fúnra rẹ̀ ló ní láti so, ti itan sì máa ń gba bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà lára àgbàlagbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya àwòrán rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá egungun tuntun ti ń hù kọjá ojú ibi tó dá. Dókítà sì ti kìlọ̀ fún wa pé bí ojú ọgbẹ́ bá ń ṣọyún tàbí tí ibà bá mú un, ká má dúró. Ó ní bí igàn ẹsẹ̀ náà bá wú tó sì ń dùn ún, tàbí tí kò bá lè mí dáadáa lójijì, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú iṣan, kí ó sì gbéra lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Bí a bá ti sọ fún ìlú pé ó ti yá, tí irú èyí sì wá ṣẹlẹ̀, ẹnu wo la ó fi padà lọ bá wọn? Ẹni tó sì gbọ́ pé aláìsàn ti yá yóò béèrè pé kí ni 122,200 náírà ṣì ń ṣe lọ́wọ́ yín.

A kò fi àwòrán ojú ọgbẹ́ sí ìkéde náà. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ní òun kò fẹ́ ẹ. Ó ní nígbà tí a ń wá owó, òun gbà kí gbogbo ayé rí òun lórí bẹ́ẹ̀dì nítorí pé ojú ń pọ́n òun, ṣùgbọ́n òun fẹ́ padà di ọkùnrin láàárín ẹgbẹ́ òun. Àwòrán tó gbà kí á lò ni èyí tó ti jókòó lórí àga níwájú ilé, tó wọ dàńṣíkí. Rìsíìtì pàápàá, a kò yà á sórí Wásáàpù, nítorí orúkọ àti nọ́ńbà káàdì ilé-ìwòsàn wà lára wọn, àwọn olè sì lè tún fi ìyẹn gbowó.

Nítorí pé àwọn àgbà púpọ̀ kò lè kàwé, Ìyálọ́jà gbá ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ka gbogbo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn ọmọ wọn sì ń gbé e sétí wọn. Wọ́n tún kà á ní ìpàdé ọjà. Àwọn mẹ́rin péré ló wá wo rìsíìtì. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tó sọ̀rọ̀ ọ̀kadà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò látòkèdélẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà," ó sì lọ.

Ní oṣù keje, a mú ìlérí wa ṣẹ. Ìkéde kẹta kò ju ìlà mélòó kan lọ. Àwòrán egungun fi hàn pé ó ti ń so dáadáa, ó ti ju ọ̀pá kan sílẹ̀, ó ku ẹyọ kan. Nínú owó tó kù, 79,700 náírà ti bá a lọ, 42,500 sì ṣẹ́ kù. Ẹbí lè máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó oúnjẹ ni àwọn ènìyàn dá. A bi àwọn ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin léèrè, wọ́n sì fẹnu kò pé kí a fi san lára gbèsè ọmọdé kan tí omi gbígbóná bó, tó wà ní ilé-ìwòsàn kan náà. Ibi tí wọ́n ti ń gbowó ní ilé-ìwòsàn la san án sí, a kò kó o lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, a sì fi rìsíìtì rẹ̀ kún ti tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a ka ìkéde kẹta náà ní ọjà, mo dúró lẹ́yìn. Kò sí àmín tó pọ̀ bíi ti àkọ́kọ́. Àwọn obìnrin náà kàn mi orí, wọ́n sì ń bá ọjà wọn lọ. Opó aláta tó mú 200 náírà wá yíjú sí mi, ó ní, "Tíṣà, ṣé ọmọdé tómi bó yẹn ti kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì? Nítorí àwa la sanwó rẹ̀ o."